Ẹ Má Tíì Tọwọ́ Bọ Ìwé Ilé Utako Yẹn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Mo ka ìwé àdéhùn ilé ẹ̀gbẹ́ ọjà Utako tí ẹ fi ránṣẹ́, oorun sì dá lójú mi.

Ìpínrọ̀ kẹsàn-án ló ń já mi láyà. Ó ní onílé lè gba ilé rẹ̀ nígbàkúgbà bó bá ti fún yín ní nótíìsì ọjọ́ 7, ẹ ò sì ní béèrè owó tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin wá fẹ́ san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mílíọ̀nù 6 náírà! Ká ní ẹ lo oṣù 8, ẹlòmíràn wá ní òun á san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù 16 ló kù, 250,000 lóṣù. Mílíọ̀nù 4 gbáko nìyẹn, ọwọ́ ara yín lẹ sì fi yọ̀ǹda rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó jáde, ìpínrọ̀ kẹwàá ní owó yín ti wọgbó.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní òfin wà. Òfin Èkó ti ọdún 2011 lẹ ń rò, kò dé Àbújá. Òfin gbígba ilé padà ti Àbújá fún ẹni tó ń sanwó ọdọọdún ní nótíìsì oṣù 6, ṣùgbọ́n ìgbà tí àdéhùn ò bá dárúkọ iye ọjọ́ nìkan ni. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ sí ló máa borí. Lóòótọ́, onílé ò lè tì yín síta láìgba kóòtù kọjá, àmọ́ kóòtù náà á ka ìpínrọ̀ kẹsàn-án.

Ṣé ẹ ti gbàgbé ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní Mọ́kọ́lá ni? Ìwé tẹ́nikẹ́ni ò kà ló gbé e lọ. Títí dòní, Bọ̀ọ̀dá Àgbà àti Àǹtí ò kí ara wọn nítorí ẹni tó yẹ kó kà á. Òkè òkun níbí ni mo wà nígbà yẹn náà, orí fóònù ni mo ti sunkún.

Kí wọ́n fa igi lé ìpínrọ̀ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, kí ẹ̀yin àti onílé fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Kí wọ́n kọ nótíìsì oṣù 6 dípò wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé owó oṣù tí ẹ ò bá gbé á padà sọ́wọ́ yín. Ìpínrọ̀ tó ní onílé lè fowó lé owó ilé bó bá ṣe wù ú ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ kan ọdún méjì tí ẹ ti san. Owó kọ́ṣọ̀n 300,000 yẹn, níbí, dandan ni kí onílé fi sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Lọ́dọ̀ yín, àpò onílé ló ń lọ tààrà, torí náà kí ìwé sọ ọjọ́ tó máa padà àti ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ yọ níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá kí ẹ tó kó ẹrù wọlé.

Ẹ ní ẹ́jẹ́ǹtì sọ pé ẹlòmíràn ń dúró. Ìgbà wo ni ẹlòmíràn ò dúró rí?

Mílíọ̀nù kan tí ẹ ní ó kù, màá fi ránṣẹ́ lópin oṣù.

Ẹ pè mí kí ẹ tó lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, màá jáde wá gbé e.

Èmi àbúrò yín.