Kí N Tó Fi Iṣẹ́ Oṣù Sílẹ̀

Ilé-kéwú kan ní Mákòkó ni mo ti ń gba owó oṣù. Mo fẹ́ máa dá ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì kọ́kọ́ ro títúmọ̀ Lárúbáwá sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ ọ́n, àwọn èèyàn sì ń wá a, ṣùgbọ́n àwọn ará Íjíbítì, tí wọ́n bí sínú Lárúbáwá, pọ̀ níbẹ̀. Àwọn náà ló pọ̀ nídìí kíkọ́ ọmọdé ní Kùránì. Àmọ́ mélòó nínú wọn ló lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù? Ọ̀nà tèmi nìyẹn. Òbí mẹ́ta péré ni mo tíì rí; owó wọn kò tó ìdajì owó oṣù mi. Nítorí náà, alẹ́ ni mo ń kọ́ wọn. Àyàfi tó bá tó owó oṣù mi fún oṣù mẹ́fà léraléra, n kò ní kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.