Kí a tó fọ àga ike tó ti pọ́n: mẹ́ta ni àìsàn rẹ̀, oògùn wọn kò sì papọ̀

Ẹgbẹ́ wa ní 60 àga ike funfun tí a máa ń kó lọ síbi ìsìnkú, ìkómọ àti ìgbéyàwó. Owó tí a fi ń yá wọn fún àwọn ará àdúgbò ni a fi ń ran ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣòfò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àga náà ti di rúsúrúsú. Àlejò á kọ́kọ́ fi áńkáṣíìfù nu ìdí àga kó tó jókòó, àwọn tó ń yá a lọ́wọ́ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn lọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ká da gbogbo rẹ̀ nù ká ra tuntun. A ní ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣe ìkọ̀ọ̀kan wọn ná.

Ẹ dojú àga kan délẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Oòrùn kì í débẹ̀, àwọ̀ tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni àwọ̀ tó ní nígbà tó wà lọ́tun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka gbígbẹ fa ẹ̀yìn àga náà. Bí ìka bá dúdú, ìdọ̀tí ni. Bí ìka bá ní ẹtù funfun bí ẹfun, oòrùn ti jẹ ojú ike náà. Bí kò bá sí nǹkan kan lára ìka, tí àga sì pọ́n síbẹ̀, ike fúnra rẹ̀ ló ti yí àwọ̀ padà. Àìsàn mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó bá da javẹ́lì lé gbogbo wọn lórí ń fi owó ṣòfò ni, nítorí javẹ́lì lè pa èbu dúdú àti àbàwọ́n, ṣùgbọ́n kì í mú àwọ̀ tí oòrùn kó bá ike kúrò.

Nínú 60 àga wa, 34 ni ìdọ̀tí nìkan ń bá jà. A pò omi gbígbóná mọ́ ọṣẹ, a fi wẹ̀ wọ́n, a sì jẹ́ kí wọ́n rin fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tí kò lọ, a fi eérú ìdáná tí a ti jọ̀ dáadáa sí kànìnkànìn tútù, a sì ń yí i lọ yí i bọ̀. Bikabọnéètì náà ṣe é lò: ìwọ̀n mẹ́ta rẹ̀ sí ìwọ̀n omi kan, kó ki bí ògì. Ẹ má ṣe fi iyanrìn fọ̀ ọ́ o. Yóò mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò ha, ìdọ̀tí yóò sì rí ibi tí yóò máa sá sí.

Àga 17 ló ní ẹtù funfun lára. Ẹ tún dán eléyìí wò: ẹ fi omi pa á lára. Bí ó bá dán bíi tuntun nígbà tó tutù, tó sì tún ṣá nígbà tó gbẹ, ojú rẹ̀ ló ti rí ṣákiṣàki. Eérú kíkúnná kan náà ni a fi ha ẹtù yẹn kúrò pẹ̀lú sùúrù, a ṣàn án, a sì gbẹ ẹ́ sábẹ́ òjìji. Ó funfun, ṣùgbọ́n kò dán. Àwọn kan máa ń fi òróró pa á kó lè dán. Yóò dán lóòótọ́, àmọ́ eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, epo yóò sì kan aṣọ àlejò.

Àìsàn kẹta, orí fírígò ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta omi tútù ni a ti rí i kedere. Fírígò àlòkù ni, irú èyí tí wọ́n ń kó gba èbúté Kútọnu wọlé. Ara rẹ̀ jẹ́ irin tí a fi ọ̀dà kùn. Èéfín àti epo ìdáná ló bo ibẹ̀, omi ọṣẹ gbígbóná àti bikabọnéètì sì gbé e kúrò. Àmọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀, tó jẹ́ ike, ṣì pọ́n bí ìyeyè lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ tán.

Ohun tó gbọ́ eléyìí ni háídírójìn pẹ́rọ́sáìdì oníkíríìmù tí àwọn tó ń ṣe irun fi ń yí àwọ̀ irun padà. Ẹ wo ara ìgò: èyí tí wọ́n kọ 40 vol. tàbí 12 % sí ni. A yọ fírígò kúrò lára iná, a tú ọwọ́ ìlẹ̀kùn náà, a fọ̀ ọ́, a gbẹ ẹ́. A wọ ìbọ̀wọ́, nítorí kíríìmù yìí ń jó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. A fi búrọ́ṣì kùn ún káàkiri lọ́gbọọgba, a fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mọ́ gaara wé e, a sì gbé e sínú oòrùn láago mẹ́wàá àárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń jẹ́ kí oògùn náà ṣiṣẹ́. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, a ń ṣí i, a ń yí i padà, a sì ń tún un kùn. Bí kíríìmù bá gbẹ síbì kan, ibẹ̀ yóò ní ilà funfun tí kò ní lọ mọ́. Láago méjì ọ̀sán, ó ti funfun. A fi omi púpọ̀ ṣàn án.

Ojú ike nìkan ni ó tún ṣe. Bí fírígò bá padà sójú oòrùn, yóò tún pọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan irin tàbí lẹ́tà tí a kọ sára fírígò. Ẹ má sì pò ó mọ́ javẹ́lì. Javẹ́lì pẹ̀lú fínígà burú jùyẹn lọ: afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀. A dán kíríìmù náà wò lára àga méjì, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó owó rẹ̀, nítorí ike àga kì í ṣe irú ike fírígò.

Ó ku àga mẹ́sàn-án. Àwọn yìí ì bá funfun bí a bá fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n a kò fọ̀ wọ́n. Oòrùn tó ń sọ ojú ike di ẹtù náà ló ń gba agbára rẹ̀. A tẹ ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn, a fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì tẹ́tí. Èyí tó bá dún ṣáṣá, tàbí tó ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìjókòó, ti kú. Bí ìyá àgbà bá jókòó lé irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, ẹsẹ̀ àga yóò yà, ìyá yóò sì ṣubú. A gé ẹsẹ̀ àwọn mẹ́sàn-án náà kí ẹnikẹ́ni má baà gbé wọn jáde mọ́. Àwọn 51 tó kù wà lábẹ́ òrùlé báyìí, a fi aṣọ bò wọ́n, a sì ti tún ń yá wọn fún àwọn èèyàn.