Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Lórí Ìdáhùn Kọ́másì

Adéwọlé,
Ìlọrin.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìdáhùn Kọ́másì tí o fi rán màmá rẹ sí mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á tán. O mọ iṣẹ́ náà, kò sí àní-àní. Ibi tí o ti ń pàdánù máàkì ni pé o kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ síbi tí wọn kò ti béèrè púpọ̀, o sì ṣahun níbi tí máàkì pọ̀ sí.

Wo ìbéèrè ọ̀hún dáadáa. Abala kìíní ní kí o sọ ẹni tí oníṣòwò tó ń ta ọjà lọ́pọ̀ jẹ́, máàkì 2. Èkejì ní kí o dárúkọ iṣẹ́ mẹ́rin tó ń ṣe fún iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde, máàkì 4. Ẹ̀kẹta ní kí o ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́rin tó fi ń ran alágbàtà lọ́wọ́, máàkì 8. Ẹ̀kẹrin ń fẹ́ ìyàtọ̀ mẹ́ta láàárín àwọn méjèèjì, máàkì 6. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Ìwọ wá kọ odidi ojú ewé kan sí abala kìíní, o fi ìlà mẹ́rin péré dá ẹ̀kẹta lóhùn.

Kí o tó fi bírò kan ìwé, pín máàkì náà fún iye ohun tí wọ́n béèrè. Abala kejì jẹ́ 4 fún ohun mẹ́rin, máàkì kọ̀ọ̀kan ni. Gbólóhùn kúkúrú kan tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó ń rà lọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó ń bá wọn tọ́jú ọjà, ó ń bá wọn polówó, ó ń sọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ fún wọn. O ti parí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n o kọ “ó ń tọ́jú ọjà”, o tún kọ “ó ń kó ọjà sí ilé ìkẹ́rù”. Ohun kan náà ni méjèèjì, máàkì kan ni wọn yóò fún ọ.

Abala kẹta jẹ́ 8 fún ohun mẹ́rin, ìyẹn 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì kìíní wà fún orúkọ ohun náà, ìkejì wà fún àlàyé. Bí o bá kọ “ó ń tà á ní àwìn” tí o sì dákẹ́, ìdajì lo gbà. Fi kún un pé alágbàtà lè kó ọjà lọ láìtíì sanwó, kí ó tà á tán kí ó tó mú owó wá, nítorí náà owó kékeré tó láti bẹ̀rẹ̀. O ti rí i ní Ìpàtà, bí àwọn obìnrin ṣe ń gba apẹ̀rẹ̀ tòmátì láàárọ̀ tí wọ́n ń sanwó lálẹ́. Gbólóhùn méjì péré, máàkì 2.

Ti ìyàtọ̀, 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sì ni ín. Bí o bá sọ pé ọ̀kan ń rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́, sọ lójú ẹsẹ̀ pé èkejì ń rà lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń ta ọjà lọ́pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ìyàtọ̀. Ní ti abala kìíní, ohun méjì ni wọ́n ń wá: pé ó ń rà lọ́pọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́, àti pé ó ń tà á díẹ̀díẹ̀ fún alágbàtà.

Nígbà mìíràn, máàkì kì í pín dọ́gba. Bí o bá rí 6 fún “sọ ohun tí ìpolówó ọjà jẹ́, kí o sì dárúkọ àǹfààní mẹ́rin”, 2 ni ti ìtumọ̀, 4 ni ti àǹfààní. Níbi ìṣirò Ẹkọnọ́míìsì, ìgbésẹ̀ ni wọ́n ń fún ní máàkì: kọ fọ́múlà, fi nọ́ńbà sí i, kí o tó kọ èsì.

Aago náà ń tẹ̀lé máàkì. Nínú Kọ́másì Wáẹ́ẹ̀kì, ìbéèrè márùn-ún lo máa dáhùn ní wákàtí 2, máàkì 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 24 ni ti ìbéèrè kan, máàkì kan kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Ojú ewé tí o kọ fún máàkì 2 ti jẹ àkókò abala kẹta run. Bí o bá sì kọ àǹfààní mẹ́fà níbi tí wọ́n ti béèrè mẹ́rin, máàkì kò ní kọjá 4.

Tún ìbéèrè yìí dáhùn lọ́jọ́ Sátidé. Fi pẹ́ńsù kọ máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, gbé aago síwájú, dúró nígbà tí ìṣẹ́jú 24 bá pé, kí o sì fi rán màmá rẹ sí mi bó ṣe wà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.