Àtàǹpàkò Ọ̀gá Lórí Wasáàpù

Ẹjọ́ kan wà tí ó ti wọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé òfin iṣẹ́ kan tí mo mọ̀ tí ó mẹ́nu bà á. Ẹjọ́ àtàǹpàkò ni. Òṣìṣẹ́ yóò jókòó, yóò kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí gúrúùpù Wasáàpù ibi iṣẹ́ rẹ̀, yóò ṣàlàyé, yóò béèrè. Ọ̀gá yóò sì fi 👍 kan ṣoṣo dá a lóhùn. Ọ̀gá gbà pé òun ti fèsì. Òṣìṣẹ́ gbà pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun lójú. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó ń parọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí àmì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ lórí Wasáàpù ní láti wá a jáde láàrin àwọn ẹ̀mójì yòókù, kí ó sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó dá dúró. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmì mẹ́fà yóò yọ: 👍 ❤️ 😂 😮 😢 🙏. Èyí tí ó bá fọwọ́ kàn nínú wọn yóò rọ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àtàǹpàkò ni ó ṣáájú nínú wọn, òun ni ọwọ́ sì ń yá sí jù. Kò náni ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ẹni tí a fi dá lóhùn náà ní fóònù. Ó mọ iye tí ó náni.

Ohun kejì ni pé Wasáàpù ti ní àmì tirẹ̀ tí ń fi hàn pé a ti ka ọ̀rọ̀, èyíinì ni máàkì méjì tí ń di búlúù. Nínú gúrúùpù, ìgbà tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá kà á tán ni ó ń di búlúù, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ lè wò ó kí ó rí orúkọ àwọn tó ti kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kódà ẹni tó ti pa àmì yìí ní fóònù rẹ̀ kò lè fi bò ó mọ́lẹ̀ nínú gúrúùpù. Nítorí náà, ‘mo ti rí i’ kì í ṣe ìròyìn tuntun fún òṣìṣẹ́ náà. Ó mọ̀ pé ọ̀gá òun ti rí i. Ohun tí àtàǹpàkò wá fi kún un lójú rẹ̀ ni pé ọ̀gá rí i, ó ní àyè láti fọwọ́ kan fóònù, ibẹ̀ náà ni ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sí.

Ẹ wo èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣe olùkọ́, ní ìparí sáà kẹta. Olùkọ́bìnrin kan, tí ó jẹ́ àbúrò wa lẹ́nu iṣẹ́, ni ó ń kó máàkì ìdánwò kíláàsì rẹ̀ jọ. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ ọ̀rọ̀ sí gúrúùpù àwa olùkọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ nìyí: ‘Ẹ kú alẹ́, sà. Mo ti tẹ máàkì àwọn ọmọ 83 sínú kọ̀ǹpútà. Ti Kẹ́mísírì àti ti Jọ́gíráfì kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ṣé kí n fi àyè wọn sílẹ̀ kí n tẹ káàdì àbájáde jáde lọ́la ni, àbí kí n dúró di Ọjọ́bọ̀? Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá mi wà ní ọsibítù, mo fẹ́ tọrọ àyè láti kúrò ní aago méjìlá lọ́la.’

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi 👍 sí i. Bí àwọn yòókù ti rí i pé ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, àwọn náà ń to tiwọn lé e. Wasáàpù kì í sì í to irú àmì bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń kó wọn pọ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àtàǹpàkò kan ni ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú nọ́ńbà 11 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìsí gbólóhùn kan.

Ohun mẹ́rin ni ọmọ yìí sọ. Ó ròyìn iṣẹ́ tí ó ṣe, ó sọ ohun tó kù, ó béèrè èwo ni kí òun ṣe nínú ohun méjì, ó sì tọrọ àyè nítorí àìsàn ìyá rẹ̀. Èwo ni àtàǹpàkò dáhùn nínú wọn? Bí a bá ní ìbéèrè náà ni, kò bá a mu, nítorí ẹni tí a bi pé ṣé dúdú ni àbí funfun kò lè dáhùn pé ‘bẹ́ẹ̀ ni’. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni, ó burú ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. A kì í gbọ́ pé ìyá ẹni wà ní ọsibítù kí a ní ‘ó dára’.

Nígbà tí mo pè é láti béèrè ara màmá, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, ‘Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ń bí wọn sí mi ni?’ Ó ti ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bọ̀, ó ń wá ibi tí ó ti ṣe àṣìsọ. Ní ọjọ́ kejì ó tẹ káàdì jáde, nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ dárúkọ nìyẹn, ó sì gbà pé òun ni ọ̀gá fọwọ́ sí. Ní Ọjọ́bọ̀ máàkì tó kù dé. A tún káàdì 83 tẹ̀, bébà tuntun, tàdáwà tuntun.

Ọ̀gá wa kì í ṣe ènìyàn líle. Nígbà tí igbákejì rẹ̀ bá a sọ ọ́, ẹnu yà á. Inú ọkọ̀ ni ó wà lálẹ́ ọjọ́ náà; ó fi àmì sí i kí ọkàn ọmọ náà lè balẹ̀ pé òun ti rí i, ó sì ní i lọ́kàn láti pè é bí ilẹ̀ bá mọ́. Ní ayé tirẹ̀, ẹni tó na àtàǹpàkò sókè ti sọ ọ̀rọ̀ rere.

Ní ìparí ọdún 2022, àwọn ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde pé àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ń ka àmì yìí sí àfojúdi, ọ̀pọ̀ àgbà sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju ti ọjọ́ orí lọ. Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí ènìyàn dúpẹ́ láì fi ipò ẹni tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ hàn: ‘o ṣé’ ni tàbí ‘ẹ ṣé’. Kì í sì í jẹ́ kí a kíni láì dárúkọ ohun tí a rí: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrọ́jú. Àtàǹpàkò kò mọ ‘o’, kò mọ ‘ẹ’. Kò mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí àìsùn. Láti ọdún 2015 ni a ti lè yan àwọ̀ ara fún un, kí ó pupa tàbí kí ó dúdú. Kò síbi tí a ti lè yan ọjọ́ orí fún un. Abájọ tí ẹjọ́ náà fi ń ti ìhà méjèèjì wá. Ọ̀dọ́ ń sọ pé ọ̀gá kò ka òun sí. Àgbà olùkọ́ kan lọ́dọ̀ wa sì ń bínú títí di òní pé ọmọ tí òun kọ́ ní girama ń nàka sí òun lórí fóònù. (Àwọn tó gbọ́n nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti sá lọ sídìí 🙏, tí ó lè jẹ́ ‘ẹ ṣé’, ‘àmín’ tàbí ‘ẹ jọ̀ọ́’, tí kò sì bí àgbà kan nínú.)

Àwọn kan yóò ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, pé bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Wọn yóò ní àwọn baba wa náà ń pa àrokò láì la ẹnu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àrokò kì í ṣe àmì tí olúkúlùkù ń túmọ̀ bó ṣe wù ú. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí pé ẹẹ́fà ni a ń ka iye náà. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé a jọ wà, nítorí ẹẹ́jọ. Méjì tó kọjú síra ń sọ ìfẹ́, méjì tó kẹ̀yìn síra ń sọ ìjà. Ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ti mọ ìtumọ̀ kí owó ẹyọ tó kúrò nílé. Ta ni ó ti bá wa jókòó lórí ìtumọ̀ àtàǹpàkò?

Ní Kánádà, ilé-ẹjọ́ ni ó bá wọn jókòó lórí rẹ̀. Ní ọdún 2021, ẹni tó ń ra irè oko fún ilé-iṣẹ́ kan fi àwòrán ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí fóònù àgbẹ̀ kan, pé kí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Tọ́ọ̀nù 87 irè oko ni wọ́n ń sọ. Àgbẹ̀ náà fi 👍 dáhùn, kò sì kó irè oko náà wá. Ó ní ohun tí òun ń sọ ni pé ìwé ti dé ọwọ́ òun. Adájọ́ wo ìwà àwọn méjèèjì sẹ́yìn, ó rí i pé ọ̀rọ̀ kúkúrú bí ‘ó dáa’ ni àgbẹ̀ yìí máa ń fi gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń mú un ṣẹ. Ní 2023 ó dá a lẹ́bi, pé kí ó san owó tó lé ní 82,000 dọ́là. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fara mọ́ ọn ní 2024. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ojú àmì nìkan ni adájọ́ wò, bí kò ṣe àṣà tó ti wà láàrin àwọn méjì náà.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, igbákejì ọ̀gá, tí ó jẹ́ obìnrin, ni ó dá a lábàá ní ìpàdé pé kí á fún àtàǹpàkò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo: ‘mo ti rí i’, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò béèrè nǹkan ni kí á máa fi sí, irú bíi ‘ìpàdé yóò wà ní aago méjì’. Níbẹ̀ àánú ni ó jẹ́, nítorí pé àwa 46 ni a wà nínú gúrúùpù náà, bí gbogbo wa bá sì ń kọ ‘ẹ ṣé sà’, fóònù kò ní sinmi. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ní ìbéèrè nínú, tàbí òógùn ẹnìkan, tàbí àìsàn, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ gbólóhùn kan, ó kéré tán. Ó kọ èyí tí ọ̀gá ì bá kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn sára pátákó: ‘Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dúró di Ọjọ́bọ̀. Ẹ lọ wo màmá, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn.’ Ọ̀gá wa ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ó ka iye rẹ̀ lórí ìka, ó sì ní kò tó ogún.

Ó ń lọ dáadáa lọ́sàn-án. Alẹ́ ni ó ń ṣòro. Bí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ èsì gidi bá wọlé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, tí ọ̀gá sì wà lójú ọ̀nà, kò lè fi 👍 sí i mọ́, kò sì ráyè kọ̀wé. Ó bi wá ní ìpàdé tó kọjá bóyá kí òun máa dákẹ́ títí di àárọ̀ ni. Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ náà ń ba àwọn lẹ́rù, nítorí pé àwọn ń rí orúkọ rẹ̀ láàrin àwọn tó ti kà á.