Sẹ́ẹ̀lì Daniell Nígbà Tí Omi Rẹ̀ Kò Ki Bákan Náà

Bíkà méjì wà lórí tábìlì nínú yàrá ìdánwò kẹ́míkà. Èyí tó wà lápá òsì ní omi síńkì súlfétì nínú. Omi náà mọ́ gaara, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé omi mímu ni. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ní omi bàbà súlfétì, ó sì jẹ́ búlúù tó ń dán. Pẹlẹbẹ síńkì aláwọ̀ eérú dúró nínú ti òsì, pẹlẹbẹ bàbà tó pọ́n dúró nínú ti ọ̀tún. Ọ̀pá gíláàsì oníhò kan tẹ̀ kọrọdọ láti inú bíkà kan bọ́ sínú èkejì. Omi iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, òwú sì dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Afárá iyọ̀ ni à ń pè é. Wáyà méjì so àwọn pẹlẹbẹ náà mọ́ fóòtìmítà. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí ni John Frederic Daniell, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé jáde ní 1836.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá ń ṣiṣẹ́, átọ̀mù síńkì kọ̀ọ̀kan á fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì sílẹ̀ lára pẹlẹbẹ, á sì yọ́ sínú omi. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà á gba inú wáyà kọjá sọ́dọ̀ bàbà. Níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù bàbà kan á gba méjèèjì láti inú omi búlúù, á di bàbà gidi, á sì lẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí:

Zn + Cu²⁺ → Zn²⁺ + Cu

Bí omi méjèèjì bá ki dé móòlù 1 nínú lítà kan, tí ìwọ̀n ìgbóná sì jẹ́ 25 °C, agbára sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ fóòtì 1.10. Inú tábìlì agbára ni a ti rí i: ti bàbà jẹ́ +0.34, ti síńkì jẹ́ −0.76, ìyàtọ̀ àárín wọn sì jẹ́ 1.10. Èyí ni à ń kọ ní E°.

Ṣùgbọ́n omi inú bíkà kì í sábà ki dé ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́. Kódà bí ó bá ki bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe gan-an ló máa yí i padà, nítorí síńkì ń pọ̀ sí i nínú omi kan, bàbà sì ń dín kù nínú èkejì. Ní 1889, Walther Nernst, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn bí a ṣe lè ṣírò agbára sẹ́ẹ̀lì nígbà tí nǹkan bá rí báyìí. Ní 25 °C, ìlànà rẹ̀ kà pé:

E = E° − (0.0592/n) log Q

Lẹ́tà n dúró fún iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń kọjá, ìyẹn 2 nínú sẹ́ẹ̀lì yìí. Q ni kíki ohun tí a mú jáde, tí a fi kíki ohun tí à ń lò pín: [Zn²⁺]/[Cu²⁺]. Pẹlẹbẹ méjèèjì kò wọ inú Q, nítorí ohun líle ni wọ́n. Pẹlẹbẹ ńlá àti pẹlẹbẹ kékeré, fóòtì kan náà ni wọ́n ń fúnni.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní síńkì inú omi jẹ́ móòlù 0.50 nínú lítà kan, tí bàbà sì jẹ́ 0.0050. A ó fi 0.0050 pín 0.50, Q á jẹ́ 100. Log 100 jẹ́ 2. A ó fi 2 pín 0.0592, èyí á fún wa ní 0.0296, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó padà di 0.0592. Nígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 1.10, ó ku fóòtì 1.04.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á dojú Q dé, wọ́n á fi síńkì pín bàbà. Ìdáhùn wọn á wá jẹ́ 1.16. Kò ṣòro láti mọ̀ pé kò tọ̀nà. Síńkì tó ti pọ̀ nínú omi ń dènà èyí tó tún fẹ́ yọ́, bàbà tó sì ṣọ̀wọ́n ń mú kí ìgbà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́ra. Agbára gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 1.10, kò lè gòkè. Nítorí náà, kí èèyàn tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò, ó yẹ kó ti mọ ìhà tí ìdáhùn máa wà.

Ẹ wo bí ìwọ̀n tó wálẹ̀ náà ti kéré tó. Síńkì pọ̀ ju bàbà lọ ní ìlọ́po 100, síbẹ̀ fóòtì 0.06 péré ló sọnù. Log ló fà á: iye òdo ló ń kà, kì í ka ìlọ́po fúnra rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì yìí, gbogbo ìgbà tí Q bá di ìlọ́po mẹ́wàá, nǹkan bíi 0.03 ni agbára ń fi wálẹ̀.

Ká wá tẹ̀ lé sẹ́ẹ̀lì kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi méjèèjì pọ̀ bákan náà, wọ́n sì ki dé móòlù 1.0 nínú lítà kan. Nígbà tí ìdá 90 nínú 100 bàbà inú omi bá ti lọ, ó ku 0.10, síńkì á sì ti di 1.90. Q jẹ́ 19, agbára sì jẹ́ 1.06. Nígbà tí ìdá 99 bá ti lọ, bàbà á jẹ́ 0.010, síńkì á jẹ́ 1.99, agbára á sì jẹ́ 1.03. Nígbà tó bá ku ìdá kan péré nínú 1000, àwọ̀ búlúù á ti pòórá lójú, àmọ́ ìṣirò ṣì ń fún wa ní fóòtì 1.00. Kí agbára tó di òdo pátápátá, Q gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 10³⁷, ìyẹn 1 tí òdo 37 tẹ̀ lé.

Ìlànà yìí ní ààlà tirẹ̀. Àkọ́kọ́, ní 25 °C nìkan ni 0.0592 tọ̀nà. Nínú yàrá tó gbóná dé 35 °C, nǹkan bíi 0.061 ló yẹ ká lò, E° náà á sì yí díẹ̀. Ìkejì, nínú omi tó ki gan-an, àwọn áyọ́ọ̀nù ń fa ara wọn mọ́ra, ipa wọn kì í sì í tó ti iye tí a yọ́ sínú omi. Bí omi méjèèjì bá ki bákan náà, àṣìṣe tó ti ara wọn wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́ nínú Q, nítorí síńkì súlfétì àti bàbà súlfétì jọra lọ́nà yìí. Bí kíki wọn bá jìnnà síra, ìdáhùn lè fi ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fóòtì kan yàtọ̀ sí ohun tí fóòtìmítà kà. Ìkẹta, fóòtì tí a ṣírò jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì tí iná kò ṣàn nínú rẹ̀. Bí a bá so gílóòbù mọ́ ọn, fóòtì á wálẹ̀ ju ti ìṣirò lọ, nítorí ìdíwọ́ tó wà nínú omi àti afárá iyọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye bàbà tó kù nínú sẹ́ẹ̀lì Daniell, kó má gbára lé fóòtìmítà nìkan. Sẹ́ẹ̀lì tó ka 1.10 àti èyí tó ka 1.03 súnmọ́ra lórí fóòtìmítà, bẹ́ẹ̀ ìdá 99 nínú 100 bàbà inú omi èkejì ti lọ.