Rẹ́tínà kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ nípa ojú àbúrò mi

 

Ohun kan wà nípa ojú wa tí mi ò tíì bọ́ nínú ìyanu rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú kò kọjú sí ìmọ́lẹ̀ rárá. Wọ́n kẹ̀yìn sí i ni. Ẹ fojú inú wo ẹni tó sanwó wọ ilé sinimá, tó wá kọjú sí ògiri ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ka ìyẹn ní yunifásítì, mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo gba máàkì mi, ó parí. Ojú àbúrò mi ọkùnrin ló jẹ́ kí n mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti iye tó ń náni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára ògiri.

Ẹyinjú àgbàlagbà gùn tó mìlímítà 24 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì orí tábìlì pàápàá tóbi jù ú lọ. Ògiri rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta. Ti ìta ni sìkẹ́lírà, ìyẹn funfun ojú tí gbogbo wa ń rí nínú dígí. Ó yi bí awọ, òun ni kì í jẹ́ kí ojú rún. Tó bá dé iwájú, ìpele yìí kan náà ló yí padà di kọ́níà, tó mọ́ gaara. Ti àárín ni kọ́rọ́ìdì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ máa pè é ní ilé ìdáná ojú. Ti inú pátápátá ni rẹ́tínà, níbi tí ìran ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bó ẹyin sísè, kẹ́ ẹ wo awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú èèpo. Bí rẹ́tínà ṣe tẹ́ sára ògiri ojú nìyẹn. Ìnípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà lọ.

Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ gba inú kọ́níà. Ibẹ̀ ló ti ń tẹ̀ jù, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo títẹ̀ tó máa tẹ̀. Ó gba ihò ọmọlójú wọlé, ó gba inú lẹ́ńsì tó máa tún un ṣe, ó wá la fítírọ́sì kọjá. Fítírọ́sì yìí ló kún gbogbo inú ojú, ó ń yọ̀, ó sì mọ́ bíi funfun ẹyin tútù, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ kan rẹ́tínà. Nítorí títẹ̀ yẹn, àwòrán tó bọ́ sórí rẹ́tínà dorí kodò: ohun tó wà lókè bọ́ sí ìsàlẹ̀, ti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa lò ó.

Ìwé máa ń ka ìpele mẹ́wàá fún rẹ́tínà. Ẹ má da ara yín láàmú, ìlà sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bá pàdé ni sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nì. Ẹ̀yìn wọn ni sẹ́ẹ̀lì bàípólà. Lẹ́yìn pátápátá ni ródì tó ń ríran nínú òkùnkùn, àti kóònù tó ń rí àwọ̀ àti lẹ́tà wínníwínní. Ródì àti kóònù nìkan ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe àwòrán. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ máa la ìlà méjì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n bá wá rán máa tún padà síwájú: láti ọ̀dọ̀ wọn sí bàípólà, láti bàípólà sí gáńgílíọ́nì. Ìrù àwọn gáńgílíọ́nì, tí wọ́n tó mílíọ̀nù kan, ló para pọ̀ di nẹ́ẹ́fù tó jáde lẹ́yìn ojú lọ sí ọpọlọ. Níbi tí wọ́n ti jáde yẹn, kò sí ródì, kò sí kóònù, ojú kò ríran níbẹ̀ rárá. Olúkúlùkù wa ló ní àmì òkùnkùn yẹn, ọpọlọ ló ń bá wa dí i.

Ní àárín gbùngbùn rẹ́tínà, wọ́n tilẹ̀ ti ìlà méjì iwájú sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ kóònù tààrà. Kòtò kékeré kan ni, fófíà lorúkọ rẹ̀. Òun lẹ fi ń ka ohun tí mo kọ yìí. Agbègbè tó yí i ká là ń pè ní màkúlà.

Ó dáa, kí ló dé tí wọ́n fi kẹ̀yìn? Ọ̀kútópọ́ọ̀sì inú òkun ò ṣe bẹ́ẹ̀ o, tiẹ̀ kọjú sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ.

Oúnjẹ ni. Ródì àti kóònù ń jẹun bí iná ṣe ń jẹ epo, ilé ìdáná sì wà lẹ́yìn. Láàárín wọn àti kọ́rọ́ìdì, ìlà sẹ́ẹ̀lì dúdú kan ṣoṣo ló wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú yìí ló ń gbé oúnjẹ láti inú ẹ̀jẹ̀ fún wọn. Àwọn náà ló ń tún aró inú ródì ṣe nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti lò ó tán. Wọ́n tún ń jẹ orí ródì tó bá ti gbó, torí ojoojúmọ́ ni ródì ń hu tuntun, láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ó ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ò lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣé ó máa lè kọjú síta?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Láàárín ródì àti sẹ́ẹ̀lì dúdú yẹn, wọn ò lẹ̀ pọ̀ dan-in dan-in. Nínú oyún, ojú máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n wá tẹ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wọnú títí tó fi di ife alápò méjì. Apò inú di rẹ́tínà, apò òde di sẹ́ẹ̀lì dúdú. Àlàfo àárín wọn pa dé, àmọ́ kò di ọ̀kan láéláé. Ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tó so wọ́n mọ́ra ni pé sẹ́ẹ̀lì dúdú ń fa omi àárín kúrò ní gbogbo ìgbà.

Àbúrò mi ń ṣe iṣẹ́ àwòrán lórí kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn. Gíláàsì rẹ̀ jẹ́ -8, láti kékeré ni kì í ti rí ọ̀ọ́kán. Irú ojú bẹ́ẹ̀ máa ń gùn ju ti ẹlòmíì lọ, rẹ́tínà sì máa ń nà, ó máa ń fẹ́lẹ́ létí. Lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó ní, "Àǹtí mi, mànàmáná ń kọ nínú ojú ọ̀tún mi, àfi bíi pé NEPA ń ṣeré." Kò sí ìrora kankan. Ní àárọ̀, ó tún rí àwọn nǹkan dúdú wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó ń léfòó bí ẹ̀fọn. Wọ́n tà á ní ẹ̀kán ojú ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan, wọ́n ní kó sinmi fóònù. Màmá wa ní àìsùn ni.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, òjìji kan yọ ní ìsàlẹ̀, lápá imú, bíi kọ́tìnì tí wọ́n ń fà sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ṣì ń ka ìwé dáadáa. Ọjọ́ yẹn la gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú.

Wọ́n kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, wọ́n dúró kó là dáadáa, wọ́n wá fi iná wo etí rẹ́tínà yípo. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ni mo ti ń ṣírò ọ nínú ara mi. Òjìji wà nísàlẹ̀ lápá imú, àwòrán sì ń dorí kodò. Òkè, lápá etí, ni rẹ́tínà ti ṣí nìyẹn. Dókítà sì sọ pé, "Ó ya lókè lọ́hùn-ún, lápá òde."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Fítírọ́sì máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń dàgbà, ti ojú tó gùn sì máa ń tètè yọ́. Tó bá ń sún kúrò lára rẹ́tínà, ó máa ń fà á. Rẹ́tínà kò ní nẹ́ẹ́fù ìrora, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni èdè tó gbọ́, torí náà ó ń ka fífà yẹn sí mànàmáná. Ẹ̀fọn dúdú yẹn, ẹ̀jẹ̀ àti èérún fítírọ́sì tó ń ta òjìji ni. Nígbà tí rẹ́tínà ya, omi gba ojú ihò náà wọ inú àlàfo àtijọ́ yẹn, ó sì ń ṣí i kúrò lára sẹ́ẹ̀lì dúdú bí bébà tí òjò pa lára ògiri. Ibi tó bá ti ṣí, ebi dé nìyẹn. Ìlà méjì iwájú ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tiwọn, ródì àti kóònù kò ní.

Mo béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ó ti dé màkúlà, mà?" Wọ́n ní ó kù díẹ̀. Màkúlà tí kò tíì ṣí lè padà sí bó ṣe wà. Tó bá ti ṣí, wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ padà, àmọ́ ìríran àárín kì í sábà pé mọ́, bó bá sì ṣe pẹ́ tó ló ṣe máa burú tó. Ọ̀yà tó bá sì wà lókè, omi máa ń tètè wálẹ̀ ni. Wọ́n ní kó má jẹ àárọ̀ ọ̀la, wọ́n máa ṣe é.

Ká ní ọjọ́ Túsìdé ni, kí omi tó wọlé, lésà nìkan ni wọn ì bá fi jó etí ọ̀yà náà yípo kó dápàá mọ́ ògiri, kó sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ìmọ̀ yìí ò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún méjì o. Títí di àwọn ọdún 1920, afọ́jú ni ọ̀pọ̀ wọn ń dà. Jules Gonin, dókítà kan ní Lausanne ní Siwisalandi, ló fi hàn pé ọ̀yà yẹn gan-an ló ń fa gbogbo rẹ̀, tó sì ń fi irin gbígbóná dí i.

Wọ́n fa fítírọ́sì jáde, wọ́n fi lésà jó yípo ọ̀yà náà, wọ́n wá fi gáàsì kún inú ojú. Gáàsì máa ń léfòó, òun ló ń ti rẹ́tínà mọ́ ògiri títí lésà á fi dápàá. Torí pé òkè lápá òde ni ọ̀yà wà, wọ́n ní kó máa gbé orí sókè lọ́sàn-án, kó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Wọ́n tún kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù rárá, torí gáàsì máa ń wú tó bá dé òkè, ó sì lè fọ́ ojú náà. Ìpàdé iṣẹ́ tó ní n'Ábújá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e fò ṣánlẹ̀. Ó dùn ún gan-an, mi ò purọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun ń rí ìlà kan tó tẹ́jú ní òkè ojú òun, tó ń mì tí òun bá mi orí, bí omi inú ike. Ìran mọ́ lókè ìlà náà, ó ṣú nísàlẹ̀. Gáàsì wà lókè nínú ojú, ó wá ń rí i nísàlẹ̀, ẹ rántí dídorí kodò yẹn. Ojoojúmọ́ ni ìlà náà ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó yá, ó di róbótó kékeré kan nísàlẹ̀, ó di ẹyọ ẹ̀wà, lọ́jọ́ Sátidé kan ó sì wá a tì.

Dókítà ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí lẹ́ńsì ojú náà ṣú lọ́jọ́ iwájú, ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, ìyẹn sì ṣeé pààrọ̀. Ojú òsì náà fẹ́lẹ́ ní ibì méjì. Wọ́n ti fi lésà yí wọn ká.