Òdo Tí Ó Bọ́ Láàrin Kóòdù: Síso Iye Ènìyàn Mọ́ Ààlà Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Nígbà tí mo fẹ́ ya máàpù tí yóò fi hàn bí àwọn ènìyàn ti pọ̀ tó ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú, láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè títí dé etí omi ní Abigi àti Ìwópin, fáìlì méjì ni mo kó síwájú. Èkíní ni ìwé-ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí iye ènìyàn inú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kà wọ́n nínú ètò ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006. Èkejì ni fáìlì ààlà, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ àwòrán kan tí ìlà yí ká. Ìwé-ìṣirò mọ iye ènìyàn, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé. Àwòrán ààlà mọ ibi tí ilẹ̀ pin sí, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó ń so àwọn méjèèjì pọ̀ ni kóòdù tí wọ́n jọ ní: kọ̀ǹpútà yóò mú kóòdù inú àwòrán, yóò wá irú rẹ̀ nínú ìwé-ìṣirò, bí ó bá sì rí i, yóò gbé iye ènìyàn wá fún un.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni a ń fi kóòdù ṣe nígbà tí orúkọ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn èdè Yorùbá ni ìdáhùn náà yóò tètè yé. Fún kọ̀ǹpútà, `Ijebu` àti `Ìjẹ̀bú` kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwé kan kọ `Sagamu`, òmíràn kọ `Shagamu`. Wọ́n yí orúkọ Ẹ̀gbádò padà sí Yewa ní ọdún 1995, síbẹ̀ Ẹ̀gbádò náà ni ó wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, nítorí náà fáìlì kan ń pè é ní èyí, èkejì ń pè é ní tọ̀hún. Àní bí àwa méjèèjì bá tilẹ̀ fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú `ẹ̀` lè ju ẹyọ kan lọ, ojú wa kò sì ní rí ìyàtọ̀ náà rárá. Kóòdù kò ní ohùn, kò sì ní ìnagijẹ.

Báyìí ni wọ́n ṣe kọ kóòdù inú àwọn fáìlì tí mo lò. Nọ́mbà méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Elétò Ìdìbò ti tò wọ́n, nínú èyí tí Ògùn jẹ́ `27`. Nọ́mbà méjì tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, bí orúkọ wọn ti tẹ̀lé ara wọn nínú lẹ́tà a-b-d, láti `01` tí í ṣe Àríwá Abẹ́òkúta títí dé `20` tí í ṣe Ṣàgámù. Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú wá jẹ́ `2708`. Àríwá Ìjẹ̀bú, èyí tí Ìjẹ̀bú-Igbó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ tí Àgọ́-Ìwòyè sì wà nínú rẹ̀, jẹ́ `2709`. Ògùn Wọ́tásáìdì, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Abigi, jẹ́ `2718`.

Mo so fáìlì méjèèjì pọ̀ nínú `QGIS`, mo sì ní kí ó fi àwọ̀ kun ilẹ̀ náà bí ènìyàn ibẹ̀ ti pọ̀ sí. Ògùn Wọ́tásáìdì jáde pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde jáde, Odògbólú náà jáde. Ṣùgbọ́n ibi tí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà funfun báláú, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú tí ó wà láàrin wọn àti etí omi sì funfun bákan náà. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ náà yóò rò pé ọ̀sà ni. Nínú ìwé-ìṣirò, ènìyàn 284,336 ni ó wà ní Àríwá Ìjẹ̀bú, 72,935 sì wà ní Ògùn Wọ́tásáìdì. Máàpù náà wá fi ibi tí ènìyàn ti pọ̀ jù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú hàn bí ilẹ̀ tí kò sí ẹnìkankan, ó sì gbé ibi tí ènìyàn kò pọ̀ síwájú.

Ohun tí ó dáa jù láti wò ní irú àkókò yìí ni àwọn tí ó sọnù, kí a wo ohun tí wọ́n fi jọra. Mo ṣí àtẹ tí ó wà lẹ́yìn máàpù náà, mo sì to àwọn tí iye wọn jẹ́ `NULL`, èyíinì ni pé kò sí ohunkóhun nínú àpótí wọn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú nìkan: Abẹ́òkúta méjèèjì wà níbẹ̀, Adó-Odò òun Ọ̀tà wà níbẹ̀, Yewa méjèèjì, Ewékorò àti Ìfọ̀ náà. Wọn kò wà lójú kan lórí ilẹ̀, wọn kò sì jọ ara wọn nípa iye ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi jọra ni pé nọ́mbà ìjọba ìbílẹ̀ wọn wà láàrin `01` àti `09`. Láti `10` sókè kò sí èyí tí ó sọnù.

Gbogbo wa ni a ti rí òdo yìí rí nínú nọ́mbà fóònù. Bí a bá tẹ nọ́mbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 sínú `Excel`, òdo iwájú yóò pòórá, nítorí pé ìwé-ìṣirò gbà pé a fẹ́ fi í ṣe ìṣirò, òdo iwájú kò sì fi ohunkóhun kún iye. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe sí òpó kóòdù. Ẹni tí ó ní ìwé-ìṣirò náà kí ó tó dé ọwọ́ mi ní ìpínlẹ̀ nínú òpó kan àti ìjọba ìbílẹ̀ nínú òpó kejì. `09` di `9`. Nígbà tí wọ́n wá fi fọ́múlà `=A2&B2` lẹ òpó méjèèjì pọ̀, `27` àti `9` di `279`, bẹ́ẹ̀ `2709` ni àwòrán ààlà ń wá. Ní ti Ògùn Wọ́tásáìdì, `27` àti `18` di `2718`, ó sì bá ara rẹ̀ mu wẹ́kú.

Ìdí kan wà tí ìṣòro yìí fi ń tan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ Yorùbá jẹ. Ekiti jẹ́ `13`, Kwara `23`, Èkó `24`, Ògùn `27`, Òndó `28`, Ọ̀ṣun `29`, Ọ̀yọ́ `30`. Kò sí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo nínú wọn, nítorí náà ẹni tí ó bá ń wo iwájú kóòdù kò ní fura. Àárín ni òdo tiwa ti ń bọ́. A lè fi ojú mọ̀ ọ́n bí kóòdù bá fara mọ́ apá ọ̀tún àpótí, nítorí pé apá ọ̀tún ni `Excel` ń to iye sí, apá òsì ni ó ń to ọ̀rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti fi `&` lẹ pọ̀ ti di ọ̀rọ̀, apá òsì ni yóò wà, àmì yìí kò sì ní ràn wá lọ́wọ́. Kí a kúkú fi `=LEN(C2)` ka gígùn rẹ̀: ibi tí ó bá ti mú `3` jáde ni àìsàn wà.

Àtúnṣe tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ènìyàn ni pé kí a fi òdo kún iwájú títí kóòdù yóò fi pé mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. `279` yóò di `0279`, èyí tí ó túmọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ kọkàndínlọ́gọ́rin ní ìpínlẹ̀ `02`, Adamáwá, níbi tí kò sí irú rẹ̀. Èyí ṣì sàn, nítorí yóò ṣófo, a ó sì rí i. Ẹ wá wo `111`. Ṣé ìpínlẹ̀ `01`, ìjọba ìbílẹ̀ `11` ni, tàbí ìpínlẹ̀ `11`, ìjọba ìbílẹ̀ `01`? Abia ni èkíní, Ebonyi ni èkejì, méjèèjì ni ó sì wà lóòótọ́. Nígbà tí òdo bá ti bọ́ tí a sì ti lẹ nọ́mbà pọ̀, kò sí fọ́múlà tí yóò mọ ibi tí ó ti bọ́. A ní láti padà sí òpó méjì tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òdo tirẹ̀ kí a tó lẹ̀ wọ́n:

```
=TEXT(A2,"00")&TEXT(B2,"00")
```

Bí ó bá jẹ́ inú `QGIS` ni a fẹ́ ti ṣe é, èyí ni a ó kọ:

```
lpad(to_string("STATE"),2,'0') || lpad(to_string("LGA"),2,'0')
```

Ó ku ibì kan tí òdo tún lè ti bọ́. Bí a bá fi ìwé náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì `.csv`, tí a sì gbé e wọ `QGIS`, ètò náà lè tún wo òpó tí nọ́mbà nìkan wà nínú rẹ̀ kí ó sọ ọ́ di iye. Kí a yọ àmì kúrò lójú `Detect field types` nígbà tí a bá ń gbé e wọlé. Fún Ògùn nìkan kò ní ṣe nǹkankan, nítorí `2709` kò ní òdo níwájú. Ẹni tí ó bá fi Abia tàbí Adamáwá kún un ni yóò kan.

Lẹ́yìn náà, kí a ṣírò àpapọ̀. Nígbà tí kóòdù ṣì bàjẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tí ó jáde lórí máàpù ní ènìyàn 1,424,725 láàrin ara wọn, àwọn mẹ́sàn-án tí ó sọnù sì ní 2,303,373. Ó ju ìdajì ìpínlẹ̀ lọ! Lẹ́yìn àtúnṣe, ogún péré ni wọ́n, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 3,728,098, bí ó ti wà nínú ìwé-ìṣirò. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé 3,751,140 ni wọ́n ń pè fún Ìpínlẹ̀ Ògùn lè rò pé ènìyàn kan ṣì sọnù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ni ó wà nínú ìwé-ìṣirò yìí. Iye kejì ni èyí tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àpapọ̀ inú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa ni kí a fi wé ti máàpù, kì í ṣe èyí tí a gbọ́ níta.

Àpapọ̀ yìí kò lè rí gbogbo àṣìṣe, pàápàá bí fáìlì ààlà bá wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nínú ààlà tí ọ́fíìsì Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ètò ìrànwọ́ gbé jáde, Ògùn kì í ṣe `27`, `NG028` ni. Wọ́n fi Olú-Ìlú Àpapọ̀ sáàárín àwọn ìpínlẹ̀ ní ipò lẹ́tà F, Àjọ Elétò Ìdìbò sì fi í sí ìparí gẹ́gẹ́ bí `37`, nítorí náà gbogbo ìpínlẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún ní ẹyọ kan. Bí ẹnìkan bá gé `NG` àti òdo kúrò kí kóòdù lè gùn bákan náà, `28` ni yóò kù fún Ògùn, `28` sì ni Òndó nínú ìwé-ìṣirò tiwa. Síso náà yóò yọrí, ọ̀pọ̀ àpótí yóò kún, ṣùgbọ́n iye àwọn ará Òndó ni yóò dúró lórí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbé òpó orúkọ láti inú fáìlì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ́yìn síso, tí mo sì ń ka ogún ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Máàpù náà ti pé báyìí, ó sì ní ohun tí kò lè sọ. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè kò ní àwòrán ààlà lọ́tọ̀ nínú rẹ̀; inú 284,336 kan náà ni wọ́n jọ wà, kò sì sí kóòdù tí yóò yà wọ́n. Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti ibi gbogbo sì ń gbé níbẹ̀. Wọn kò béèrè ẹ̀yà ẹni nínú ìkànìyàn 2006. Iye àwọn tí ń gbé ilẹ̀ náà ni mo fi kùn ún, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ máàpù.